Àmì iná ń tàn lójú fóònù, síbẹ̀ bátìrì ń sọ̀ kalẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi ọkọ̀ gbé èrò láti orí áàpù. Aago 6 àárọ̀ ni mo ń jáde, ó sì máa ń di nǹkan bí aago 6 ìrọ̀lẹ́ kí n tó wọlé. Gíláàsì iwájú ni mo lẹ họ́dà fóònù mi mọ́, ihò yúèsíbì ẹ̀gbẹ́ rédíò ọkọ̀ ni mo ti ń fún un ní iná, òun kan náà ló sì ń fún fóònù kejì mi àti àwọn èrò ní họ́tísípọ́ọ̀tì. Àmì iná ń hàn lójú rẹ̀ láti àárọ̀, síbẹ̀ tó bá fi máa di aago 2 ọ̀sán, ó ti já láti 100% sí 15%, ara rẹ̀ á sì gbóná gan-an. 5000 mAh ni bátìrì rẹ̀. Ṣé bátìrì yìí ti kú ni? Ṣé kí n ra fóònù mìíràn ni, àbí páwà bánkì ńlá?"

Àbúrò mi, má tíì ra fóònù. Bátìrì tó ti kú kì í ṣe báyìí. Èyí tó ti gbó a máa fò ni: á wà ní 35%, á ṣàdédé di 12%, tàbí kó kú pátá nígbà tó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní 20%. Tìrẹ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bákan náà lójoojúmọ́, aago kan náà ló sì ń bá a níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé iná tó ń wọlé kò tó iná tó ń jáde. Àmì iná tó ń hàn lójú fóònù ló ṣì ọ́ lọ́nà, kì í sì í ṣe ìwọ nìkan. Àmì yẹn kò sọ ju pé wáyà ti kan fóònù lọ. Kò sọ iye tó ń wọlé. Ẹni tó ń fi ife bu omi sínú àmù tó ń jò ń pọn omi lóòótọ́, àmọ́ àmù yóò gbẹ.

Wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí. Bátìrì 5000 mAh tó kún lè fúnni ní wáàtì 19 fún wákàtí kan gbáko. Ìyẹn ni pé bí nǹkan bá ń jẹ wáàtì 1 lára rẹ̀, yóò tó wákàtí 19 kó tó tán. Bó bá ń jẹ wáàtì 2, wákàtí 9 àti ààbọ̀ ni. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ wáyà ọkọ̀, mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo máa ń fi sáàárín ṣájà àti fóònù láti mọ iye iná tó ń kọjá. Fóònù tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé góńgó nítorí oòrùn, tí máàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tó tún ń pín họ́tísípọ́ọ̀tì, wáàtì 4 sí 5 ni mo sábà máa ń rí pé ó ń jẹ. Jẹ́ ká mú 4.5. Ihò yúèsíbì ẹ̀gbẹ́ rédíò wá ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kì í ṣe tuntun, torí kí rédíò lè ka orin láti inú fíláàṣì ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Fóltì 5 àti ìdajì ámpù ni ìlànà yúèsíbì àtijọ́ fún irú ihò bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi fóltì ṣe ìlọ́po ámpù, wáàtì ló máa jáde: 5 × 0.5 = 2.5. Wáàtì 2.5 ń wọlé, 4.5 ń jáde, ó ku 2 tí bátìrì ń fi tara rẹ̀ dí. Láti aago 6 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán jẹ́ wákàtí 8. 2 lọ́nà 8 jẹ́ 16. Yọ 16 nínú 19, ó ku 3, ìyẹn sì lé díẹ̀ lórí 15%. Iye tí o kọ sí mi gan-an nìyẹn. Bí o bá ra fóònù tuntun tí o sì tún kì í bọ ihò yẹn, ìṣirò yìí náà ni yóò bá.

Ibi tí iná gidi wà nínú ọkọ̀ ni ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá láyé àtijọ́. Fóltì 12 ló wà níbẹ̀, fíúùsì rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín ámpù 10 sí 20, nítorí náà ó lè gbé wáàtì 100 láìmí kanlẹ̀. Ṣájà tí o bá kì bọ̀ ọ́ ló máa pinnu iye tó máa dé ọ̀dọ̀ fóònù. Má wo iye ńlá tí wọ́n kọ sí iwájú páálí. Yí ṣájà náà padà, kí o ka ìlà tí wọ́n kọ fóltì àti ámpù sí, kí o wá èyí tó lè gbé 9V/2A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ihò kan ṣoṣo. Mo tẹnu mọ́ ihò kan ṣoṣo nítorí pé iye tí wọ́n kọ síwájú sábà máa ń jẹ́ àròpọ̀ gbogbo ihò, bí fóònù méjì bá sì ti wà lórí rẹ̀, wọn yóò pín in. Ohun kejì ni pé fóònù àti ṣájà a máa kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀ kí iná tó pọ̀. Bí fóònù rẹ bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń pè ní PD, tí ṣájà náà sì gbọ́ ọ, wọn yóò jọ gòkè lọ sí fóltì 9. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn, fóltì 5 ni wọn yóò padà sí, ṣájà olówó gọbọi á wá máa ṣe bí èyí tí kò lórúkọ. Nítorí náà, wo ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ilé tó bá fóònù rẹ wá, kí o wá ti ọkọ̀ tó bá a mu. Kódà bó bá jẹ́ fóltì 5 àti ámpù 2 péré lo rí, wáàtì 10 nìyẹn, ó ti ju ìlọ́po méjì ohun tí fóònù rẹ ń jẹ lọ.

Àmọ́ kí o tó náwó sórí ṣájà, wo wáyà rẹ. Wáyà ni mo bá pé ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ, torí pé ẹni gbogbo gbà pé wáyà ni wáyà. Awakọ̀ fẹ́ràn èyí tó gùn, kó lè ti ìsàlẹ̀ jíà dé òkè dáṣíbọ́ọ̀dù kó sì tún ṣẹ́ kù. Okùn bàbà inú ọ̀pọ̀ irú wáyà bẹ́ẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara wáyà náà: bí o bá rí 28AWG/1P+24AWG/2C, nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀, èkejì sì jẹ́ ti okùn tó ń gbé iná. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni okùn ṣe nípọn tó. Ká ní wáyà mítà 2 ni, tí okùn iná rẹ̀ jẹ́ 28, tí fóònù sì fẹ́ fa ámpù 2: fóltì bí 1.7 ni yóò ṣègbé sójú ọ̀nà. Fóltì 5 tó jáde lẹ́nu ṣájà á ti di 3.3 kó tó dé fóònù. Fóònù kò lè fi ìyẹn kún bátìrì, nítorí náà yóò dín ohun tó ń fà kù títí fóltì yóò fi gòkè padà, o ò sì ní mọ̀, torí àmì iná kò kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ wáyà mítà 1 tí okùn iná rẹ̀ jẹ́ 24, ohun tó ṣègbé kò ju nǹkan bí 0.35 lọ. Wọn láti ihò sìgá dé ibi tí fóònù yóò wà, kí o ra èyí tó kàn tó o gẹ́lẹ́. Fún un láàyè díẹ̀ ní ẹnu fóònù kó má baà tẹ̀ kọdọrọ, nítorí ibẹ̀ ni okùn ti máa ń já nínú láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ya. Má sì jẹ́ kó gba iwájú sítíárìn tàbí ẹ̀gbẹ́ bíréèkì kọjá.

Ihò sìgá náà ní àìsàn tirẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ ń gbọ̀n, ṣájà á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ láìjábọ́. Bí o bá ń gbọ́ ìró tí fóònù máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti wáyà bọ̀ ọ́, tó ń ro, tó ń dákẹ́ bí ọkọ̀ bá bọ́ sí gegele, ibẹ̀ ló wà. Ti ṣájà wọlé dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí kan, fọwọ́ kan orí rẹ̀. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bó bá gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà á, ó túmọ̀ sí pé irin kò fara kan irin dáadáa níbẹ̀. Yọ ọ́, má lò ó mọ́ títí oníwáyà yóò fi wò ó. Má ki ìdè irun tàbí ẹnu ọ̀bẹ bọ inú ihò náà láti fi nù ún, torí iná lè wà níbẹ̀ bí o tilẹ̀ ti pa ọkọ̀. Bí fíúùsì bá sì jó, irú iye kan náà ni kí o fi rọ́pò rẹ̀. Mo ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ kan tí wọ́n fi fíúùsì 30 sí ipò 15, àwọn wáyà inú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ara wọn. Fíúùsì ni ó yẹ kó kọ́kọ́ kú kí wáyà má baà jó. Bí o bá sọ ọ́ di alágbára, wáyà ni yóò kú dípò rẹ̀.

Jẹ́ ká gbà pé o ti tún gbogbo èyí ṣe. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé bí fóònù bá ṣì wà lára gíláàsì iwájú, ó ṣeé ṣe kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, torí pé ooru lágbára ju ṣájà lọ. Dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó dúró nínú oòrùn lè gbóná kọjá 60°C. Àwọn tó ń ṣe fóònù sì sábà máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ibi tí kò gbóná ju 35°C lọ ni kí á ti lò ó. Fóònù tó wà lára gíláàsì ń gba oòrùn lójú, ó ń gba ooru dáṣíbọ́ọ̀dù láti ìsàlẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe ń gbóná nínú rẹ̀, iná tó ń wọlé náà sì ń mú ooru tirẹ̀ wá. Bó bá dé ibì kan, fóònù yóò dáàbò bo ara rẹ̀: á dín iná tó ń gbà kù tàbí kó kọ̀ ọ́ pátá, á sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì, máàpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ojú bàìbàì yẹn gan-an ló ń mú kí awakọ̀ na ọrùn wo fóònù nígbà tó yẹ kó máa wo títì. Tí o bá rí i pé fóònù ń gba iná dáadáa láàárọ̀ tàbí lálẹ́ tó wá ń jálẹ̀ láàárín aago 12 sí aago 3, ooru ni, kì í ṣe ṣájà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù fún họ́dà ni ojú ihò tí afẹ́fẹ́ amúlétutù ń gbà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí òkè dáṣíbọ́ọ̀dù. Níbẹ̀, oòrùn kì í bà á tààrà, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lẹ́yìn, kò dí ojú ọ̀nà, ojú rẹ kò sì ní rìn jìnnà kó tó kan máàpù. Bí ooru kò bá da fóònù láàmú mọ́, o lè dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ìyẹn nìkan á sì yọ nǹkan bí wáàtì kan kúrò nínú ohun tó ń jẹ. Àbùkù ibẹ̀ ni pé àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké tó wà lójú ihò náà kò lágbára púpọ̀. Má lo họ́dà tó kàn há wọn mọ́ ẹnu. Wá èyí tó ní ìkọ́ irin tó ń kọ́ wọn láti ẹ̀yìn, tó sì tún ní ẹsẹ̀ tó ń tẹ ara dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí òtútù bá dé tí o ń tan atẹ́gùn gbígbóná, pa ojú ihò yẹn gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ò ń yan fóònù ni. Bọ́ àpò rọ́bà tó nípọn kúrò lára fóònù lẹ́nu iṣẹ́. Níbikíbi tí o bá fi họ́dà sí, má fi í síwájú ibi tí báàgì ààbò ti máa ń bú jáde bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìyẹn ojú sítíárìn fúnra rẹ̀ àti iwájú ẹni tó jókòó lápá kejì, torí báàgì náà yóò sọ fóònù di òkò. Họ́dà tó ń fún fóònù ní iná láìlo wáyà wuyì lójú, mi ò sì bá a jà fún ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ tó sì ń padà. Ṣùgbọ́n apá kan iná rẹ̀ ni yóò di ooru lẹ́yìn fóònù gan-an, bí ọkọ̀ bá sì gbọ̀n, fóònù lè yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, èyí tó kù á sì wá di ooru náà. Fún wákàtí 12, wáyà ni mo fara mọ́.

Ní ti họ́tísípọ́ọ̀tì, mú un kúrò lórí fóònù tí ìpè èrò ń wọ̀ sí. Iná tó ń jẹ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù mìíràn ló ń bà mí jù. Dátà tí máàpù àti áàpù iṣẹ́ rẹ nílò kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ já. Bí èrò bá ń wo fídíò lórí ìlà kan náà, ìpè tuntun lè pẹ́ kó tó dé, máàpù sì lè máa fi ibi tí o ti kọjá hàn ọ́. Fóònù kejì tí o ní ni kí o fi ṣe họ́tísípọ́ọ̀tì, pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Nínú ọkọ̀, kò sí ibi tó jìnnà sí ara wọn, nítorí náà kò nílò láti wà lókè. Fi í sí ojú àpótí àárín ìjókòó méjèèjì, níbi tí òjìji wà tí atẹ́gùn sì ń dé, kí wáyà rẹ̀ wà lórí ihò kejì ṣájà. Má tì í mọ́ inú àpótí tó ní ìdérí, torí ooru yóò há mọ́ ọn. Tan ohun tí wọ́n kọ `Turn off hotspot automatically` sí bó bá wà nínú rẹ̀, kó lè máa pa ara rẹ̀ bí èrò bá ti sọ̀.

Àwọn kan á ní kí o ra máìfáì. Ó dára, ó sì ń gba fóònù méjèèjì sílẹ̀, àmọ́ wo bátìrì rẹ̀. Bátìrì tó kún tó ń gba iná láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú nínú ọkọ̀ tó gbóná ni irú bátìrì tó máa ń wú. Bí o bá rí i tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbé, tàbí tí kò jókòó pẹrẹsẹ lórí tábìlì mọ́, yọ ọ́ lára iná, má tẹ̀ ẹ́, má gún un, má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí o dá fóònù iṣẹ́ rẹ dúró sí 80% bó bá ní ibi tí wọ́n ti ń yan ìyẹn nínú ètò bátìrì rẹ̀, lẹ́yìn tí iná tó ń wọlé bá ti ju èyí tó ń jáde lọ. Kíkún àti gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà ni ohun tó ń tètè gbó bátìrì.

Páwà bánkì ńlá tí o béèrè kò ní wo àìsàn yìí. Yóò sún àkókò tí fóònù yóò kú síwájú, lọ́jọ́ kejì o ní láti tún un kún. Bí o bá sì ń fún òun fúnra rẹ̀ ní iná láti inú ọkọ̀ kó tó fún fóònù, iná ń ṣègbé nígbà méjì, bátìrì mìíràn sì tún ń gbóná nínú ọkọ̀ rẹ. Èyí kékeré nínú àpò rẹ wúlò fún ìgbà tí o bá pa ọkọ̀ láti dúró de ìpè, torí ihò sìgá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń kú bí a bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Bí tìrẹ kì í bá kú, ṣájà tó ń gbé wáàtì 20 ń fa nǹkan bí ámpù 1.7 lára bátìrì ọkọ̀. Bátìrì ọkọ̀ tó pé kò ní bínú sí wákàtí kan bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tó ti ń ráhùn láàárọ̀ kó tó ta lè kọ̀ láti ta.

Má ra ohun gbogbo lọ́jọ́ kan, kí o lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Lọ́la, mú wáyà kúkúrú tó nípọn, kí o yá ṣájà ihò sìgá lọ́wọ́ ẹnìkan. Jáde ní 50%, tan ohun tí o máa ń tàn, àmọ́ gbé fóònù kúrò lójú oòrùn. Lẹ́yìn wákàtí kan tí ọkọ̀ kò kú, wò ó. Bó bá ti gòkè tó 10% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fóònù rẹ kò ní àrùn kankan, ihò rédíò ló ń fi ebi pa á. Bó bá dúró sójú kan, pààrọ̀ wáyà kí o tún un wò. Bí `Charging slowly` bá ṣì ń hàn lójú rẹ̀ pẹ̀lú wáyà méjì, ṣájà yẹn àti fóònù rẹ kò gbọ́ èdè ara wọn. Tó bá jẹ́ pé lára iná ilé gan-an ni kò ti gòkè bó ṣe yẹ, tàbí tí ojú fóònù ti ń gbé díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, nígbà náà ni mo máa gbà pé bátìrì ni, kí o gbé e lọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe kí o tó tún fi jáde.

Ohun kan wà tí èmi náà kò rí ọ̀nà gbà. Bí amúlétutù ọkọ̀ rẹ kò bá ṣiṣẹ́, tí oòrùn ọ̀sán sì mú gan-an, kò sí ṣájà tó lè fipá fún fóònù tó gbóná ní iná. Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, sọ họ́dà kalẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn fèrèsé ń dé, dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, jẹ́ kí ohùn máàpù máa darí rẹ, kí o sì fà á yọ lára iná fún ogún ìṣẹ́jú kó lè tutù. Má gbé e sórí yìnyín tàbí sínú fíríìjì, torí omi yóò sẹ̀ nínú rẹ̀ níbi tí ojú rẹ kò lè dé.